Ìtẹ̀jáde, ìgbéjáde, àbí ìtúsílẹ̀? Ọ̀rọ̀ lórí iye 132 àti Table 8.1

Akọ̀ròyìn, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìròyìn lórí ikú ọmọdé. Ohun tí mo kọ nìyí: "Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 2018 ti wí, ọmọ 132 nínú 1,000 ló ń kú ní Nàìjíríà kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún." Olóòtú mi ní kí n dárúkọ tábìlì tí mo ti rí i, ìyẹn Table 8.1, kí n sì kọ ọdún tí wọ́n tú u sílẹ̀. Kí là ń pe méjèèjì ní Yorùbá?

Bàbá Olùkọ́, Ìbàdàn

Ọmọ mi, má tú nǹkan kan sílẹ̀. Ewúrẹ́ là ń tú sílẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n là ń tú sílẹ̀. "Ọdún ìtẹ̀jáde" ni kí o kọ, ó ti parí. Ní ti tábìlì, èyí tí mo gbé àmàlà lé báyìí ni tábìlì. Tìrẹ yẹn, àtẹ ni. Wo ìyá aláta lọ́jà, bó ṣe ya rodo sọ́tọ̀ kúrò lára tàtàṣé lórí àtẹ rẹ̀: ẹni tó wá ra rodo ti mọ ibi tí yóò wò. Kí ló tún kù tí tábìlì ìṣirò ń ṣe?

Onílé, Ìkòròdú

Ẹ dákun, ṣé sọ́fè lẹ ń sọ? Èmi ṣe sọ́fè ilẹ̀ mi lọ́dún 2016, ìwé rẹ̀ kò tẹ̀ mí lọ́wọ́ títí di 2019, ọdún 2016 ló ṣì wà lára rẹ̀. Mo bá wọn jà títí, wọ́n ní ọdún tí àwọn wọn ilẹ̀ làwọn kọ. Èwo wá ni ọdún ìtẹ̀jáde níbẹ̀?

Oníṣirò, Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kọ́ là ń sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dun ni. Ẹ jẹ́ kí n ti ibòmíì bẹ̀rẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tó burú jù nínú gbólóhùn àbúrò kì í ṣe tábìlì, ìkànìyàn ni. A ò kànìyàn ní Nàìjíríà lọ́dún 2018. Ọdún 2006 la kà á kẹ́yìn. Mo mọ ohun tó ṣì í lọ́nà: Àjọ Ìkànìyàn ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Àmọ́ NDHS ni iṣẹ́ yìí, ìwádìí lórí ìbí, ikú àti ìlera ní Nàìjíríà sì ni. Wọ́n mú àdúgbò bíi 1,400 jákèjádò orílẹ̀-èdè, wọ́n mú ilé mélòó kan nínú àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá obìnrin 41,821 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 sọ̀rọ̀.

Wọ́n bi obìnrin kọ̀ọ̀kan léèrè gbogbo ọmọ tó ti bí, oṣù àti ọdún tó bí wọn, èyí tó wà àti èyí tí kò sí mọ́, àti iye oṣù tàbí ọdún tí èyí tó lọ lò láyé. Inú ìdáhùn wọ̀nyẹn ni 132 ti jáde. Bí àbúrò bá ṣí àtẹ náà padà, yóò rí i pé ìlà tí iye náà wà ni wọ́n kọ 0–4 sí. Ọdún márùn-ún tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn ni wọ́n ń wí, ìyẹn bíi 2014 sí 2018. Oṣù kẹjọ sí oṣù kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n lọ bi àwọn ènìyàn léèrè. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ìwé náà jáde.

Ọdún mẹ́ta ló wà lára iye kan ṣoṣo. Èmi a máa kọ ọdún ìṣẹ̀lẹ̀, ọdún ìbéèrè àti ọdún ìgbéjáde. Sọ́fè ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n, ọdún ìbéèrè ni wọ́n kọ sí i lára, wọn ò ṣẹ̀ yín.

Nọ́ọ̀sì, Ìlọrin

Mo ṣí Table 8.1 tẹ́ ẹ ń wí. Ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, 67. Èyí tó pé ọdún kan tí kò tíì pé márùn-ún, 69. Mo rò wọ́n pọ̀, 136 ni mo rí, wọ́n wá kọ 132. Ẹni tó ṣe àtẹ yìí kò lè rò ó, ẹ wá ní ká máa dárúkọ rẹ̀.

Oníṣirò, Abẹ́òkúta

Ó rò ó dáadáa, Àǹtí. Ẹgbẹ̀rún méjèèjì yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà. 67 jẹ́ nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí. 69 jẹ́ nínú 1,000 ọmọ tó rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọmọ 67 bá ti lọ nínú 1,000, 933 ló kù. Ẹ wá mú 69 nínú ẹgbẹ̀rún lára 933, ẹ ó rí bíi 64. 67 àti 64 jẹ́ 131, wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé kúrò lẹ́yìn iye kọ̀ọ̀kan ló sọ ọ́ di 132. Ìdí nìyí tí n kì í fẹ́ "nínú 1,000" lásán. Nínú 1,000 kí ni? Ọmọ tí a bí láàyè ni.

Ohun kan tún wà. Ìwé tí NDHS 2018 mú jáde ní 2019 ju ẹyọ kan lọ: ìwé kúkúrú tó ṣáájú wà, ìwé ńlá náà sì wà. Bí a ṣe to nọ́ńbà àtẹ inú wọn yàtọ̀ síra. 8 tó wà nínú 8.1 jẹ́ orí kẹjọ ìwé ńlá. Ẹni tó kọ "àtẹ 8.1, 2019" láìsọ pé ìwé ńlá ni lè rán òǹkàwé lọ wá ohun tí kò sí.

Nọ́ọ̀sì, Ìlọrin

Ó yé mi wàyí. Àmọ́ lórí ìkànnì Báńkì Àgbáyé, 120 ni mo ti rí nígbà kan fún Nàìjíríà, 2018. Ìyẹn ńkọ́?

Oníṣirò, Abẹ́òkúta

`SH.DYN.MORT` ni orúkọ tí wọ́n ń pe iye yẹn níbẹ̀. Àwọn kan lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ń kó oríṣiríṣi ìwádìí pọ̀, tí wọ́n ń fa ìlà kan gba àárín wọn. Ìgbéjáde 2019 ló fún 2018 ní 120. Ìgbà tí wọ́n bá tún gbé òmíràn jáde, wọ́n á tún gbogbo ìlà náà ṣírò, ọdún tó ti kọjá náà á sì yí padà. Ìyẹn kì í ṣe ìwé, àká ni. Iṣu tẹ́ ẹ bá nínú àká lónìí lè má jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ ibẹ̀. Mo gbà wá nímọ̀ràn pé "àká iye" ni ká máa pe irú rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́, Ìbàdàn

Àká dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ kí lo máa pe ìwádìí tí wọ́n mú ilé díẹ̀ dípò gbogbo ilé? Ìwádìí lásán, ọlọ́pàá náà ń ṣe é.

Oníṣirò, Abẹ́òkúta

Mo ti kọ "ìwádìí àṣàyàn ilé" rí.

Nọ́ọ̀sì, Ìlọrin

Rárá o. Ohun tó dára jù là ń ṣà. Ẹni tó bá kà á á rò pé ilé olówó nìkan ni wọ́n wọ̀. "Ìwádìí ìtọ́wò" ńkọ́? Bí a ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Oníṣirò, Abẹ́òkúta

Ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò lè mú ibi tó wù ú. Ìwọ̀nyí ṣẹ́ kèké ni, kò sẹ́ni tó mọ ilé tó máa bọ́ sí.

Onílé, Ìkòròdú

Ìwádìí oníkèké! Wọ́n á ní ilà ojú lẹ̀ ń kà.

Akọ̀ròyìn, Òṣogbo

Mo dúpẹ́ o. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí olóòtú nìyí: "Nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà ní ọdún márùn-ún tó ṣáájú ìwádìí NDHS 2018, 132 kò pé ọmọ ọdún márùn-ún. (Ìwé ńlá NDHS 2018, àtẹ 8.1, ìgbéjáde 2019.)" Mo fi "ìwádìí" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Bàbá Olùkọ́, Ìbàdàn

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi "ìgbéjáde". Lọ wo òkè ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn tí ò ń kọ fún. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Akọ̀ròyìn, Òṣogbo

"Ìtẹ̀jáde," sà. Olóòtú náà ti yí tèmi padà.