Ẹni tó gba iṣẹ́ tí kò yọjú: ibi tọ́rọ̀ náà parí sí

Ìbéèrè mi nígbà yẹn: "Ẹni méjì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ní Yábàá, wọn ò yọjú lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Akáǹtáǹtì tuntun tí a gbà lẹ́yìn wọn ti wọlé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé! Ẹ ṣé gan-an fún ìmọ̀ràn yín.

Bọ̀dá tó ní ká yáa tètè gbé wọn wọlé jàre díẹ̀, àmọ́ oṣù kan gbáko ṣáájú ni ibi iṣẹ́ àtijọ́ akáǹtáǹtì náà fẹ́ kó ti sọ fún wọn pé òun ń lọ. Àǹtí tó ti ń gbani síṣẹ́ tipẹ́ ló rí ìdí ọ̀rọ̀: ọjọ́ tí ẹni náà bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni ewu pọ̀ jù, torí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lè fowó kún owó rẹ̀. Nítorí náà, mo ti kọ́kọ́ bi akáǹtáǹtì náà pé, "Tí wọ́n bá fowó kún un ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọ̀nà Ìkòròdú sí Àpápá tí òun ń rìn lọ síbi iṣẹ́ àtijọ́ ló ń pa òun, kì í ṣe owó.

Mo pè é lọ́jọ́ kejì tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ti fowó lọ̀ ọ́. Mo rán an létí ọ̀nà Àpápá. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá tí wọn ó jọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pè é wá jẹun ọ̀sán.

Àmọ́ ṣé ó tọ́ kí n ní kí ẹni tó ṣe ipò kejì ṣì máa dúró dè wá? Ìyẹn ò tíì yé mi.