Ojú ìyá ọmọ ṣú, iwájú orí ọkọ funfun báláú: báwo ni kí n ṣe tún fótò yìí ṣe?

Ayafótò Kubwa: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Fótò ìsọmọlórúkọ ni, aago kan ọ̀sán, níbí ní Kubwa. Ìyá ọmọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, oòrùn ń ràn yòò lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ wá ṣú. Bí mo bá gbé Shadows dé +80 nínú Lightroom Classic, ojú á hàn, àmọ́ á rí bí ẹni tí wọ́n da eérú sí lára. Oòrùn tún bọ́ sí iwájú orí ọkọ rẹ̀. RAW ni mo fi yà á.

Ọmọ Lugbe: Èyí ò le. Lọ sí Color Mixer, mú Orange, gbé Luminance rẹ̀ dé +40. Ojú á mọ́lẹ̀ kíá.

Ìyá Ìbejì: Tèmi jẹ́ ti inú gbọ̀ngàn. Iná elésè àlùkò ni wọ́n tàn, gbogbo ojú wá di àlùkò. Ṣé èyí á ran èmi náà lọ́wọ́?

Bàbá Kámẹ́rà: Ọmọ Lugbe, Orange dára bí kò bá kọjá +8. Kò mọ ojú yàtọ̀ sí àga igi. Ohunkóhun tó bá ní àwọ̀ yẹn ló máa gbé sókè. Tó bá dé +40, ara á rí bí ẹni tó bóra.

Ayafótò, dá Shadows padà sí +15. Ibi tó ṣú nìkan ló ń gbé, ìyàtọ̀ tó fún imú àti àgbọ̀n ní ìrísí á wá pòórá. Lọ sí Masking, yan ìyá ọmọ lábẹ́ People, kí o mú Face Skin àti Body Skin pọ̀, kí ọrùn má baà yàtọ̀ sí ojú. Gbé Exposure dé +0.80.

Eérú yẹn, ojú ọ̀run ló fà á: ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ abẹ́ igi ní búlúù nínú. Nínú mask kan náà, gbé Temp díẹ̀díẹ̀. Gbé atọ́ka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí o wo R, G, B lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí wọ́n bá fẹ́ẹ̀ dọ́gba, bíi 40, 37, 36, eérú ṣì wà níbẹ̀. Kí R ṣíwájú G dáadáa, kí G ṣíwájú B.

Ní ti ọkọ, fa Exposure wálẹ̀ sí -2 fún ìgbà díẹ̀. Bí ìlà iwájú orí bá yọ, Highlights á gbà á. Bó bá kàn di eérú pẹrẹsẹ, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Fi í sílẹ̀ ní funfun.

Ìyá Ìbejì, tiyín yàtọ̀. Iná yẹn fẹ́ẹ̀ má ní àwọ̀ ewé rárá, Temp ò sì lè fa ohun tí kò sí jáde. Dúdú àti funfun ni mo máa fi wọ́n ṣe.

Ọmọ Lugbe: Mo máa ń fi Point Color dín àlùkò kù, ó máa ń gbọ́ díẹ̀.

Ayafótò Kubwa: +0.65 ló bá a mu, ọ̀gá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti dára, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ tó fi gbé ọmọ ti pupa jù.

Bàbá Kámẹ́rà: Àtẹ́lẹwọ́ ti pọ́n ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Tẹ Subtract, mú Brush, kí o yọ ọ́ kúrò nínú mask náà.