Eyín ọmọ mi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò dá

Ìyá Àyọ̀ká, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 5, ni kòkòrò jẹ eyín rẹ̀ ìsàlẹ̀ tó wà nínú pátápátá. Tó bá mu omi tútù ló máa ń dùn ún, kì í sì í pẹ́ tí á fi lọ. Èrìgì rẹ̀ kò wú. Dókítà eyín ya fọ́tò rẹ̀, ó ní gbòǹgbò ṣì pé. Ó ní òun á gé ẹran orí nínú eyín náà kúrò, òun á fi ti inú gbòǹgbò sílẹ̀ láàyè. Pọ́ọ̀pótọ́mì ni wọ́n ń pè é.

Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó gé e, ó fi òwú tó rin tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5. Òwú yẹn ni mo tẹjú mọ́. Bó ṣe yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ki tún sun jáde. Ó tún un tẹ̀, kò dá. Ló bá ní, "Màmá Àyọ̀ká, àìsàn yìí ti wọ gbòǹgbò." Ó bi mí pé, ká fọ inú gbòǹgbò mọ́ ká kún un, àbí ká yọ eyín? Mo ní kó fọ̀ ọ́. Ó dé e ní fìlà irin. Oṣù 4 rèé, ó ń fi jẹ ẹran.

Bàbá Ìbejì: Eyín tó máa jábọ́ náà ni! Ọmọ ọdún 5 ni tèmi nígbà tí mo ní kí wọ́n yọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Alàgbà Sábó: Èmi náà fọ gbòǹgbò eyín mi lọ́dún tó kọjá. Nǹkan bíi rọ́bà ni wọ́n kì sí i. Ṣé òun náà ni wọ́n kì sí tọmọ?

Nọ́ọ̀sì eyín tó ti fẹ̀yìntì: Rárá, bàbá. Gbòǹgbò eyín ọmọdé gbọ́dọ̀ yọ́ kí tàgbà tó jáde. Rọ́bà kì í yọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo oògùn tó ń yọ́ pẹ̀lú gbòǹgbò. Bàbá Ìbejì, òótọ́ ni pé á jábọ́, àmọ́ tinú pátápátá yẹn kì í jábọ́ títí ọmọ á fi pé bí ọdún 10 sí 12. Bí ọmọ bá tó ọdún 6, eyín àgbà ń hù lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá bá àlàfo níbẹ̀, iwájú ló máa rọ́ wá, á sì dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀ lábẹ́. Ẹni tó bá yọ ọ́, kó bèèrè wáyà tó ń di àlàfo mú.

Ìyá Àyọ̀ká: Tí eéwo bá wá yọ lérìgì rẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì eyín tó ti fẹ̀yìntì: Ẹ tètè gbé e padà. Fọ́tò ló máa sọ ọ́. Tí gbòǹgbò bá ti jẹ jìnnà, yíyọ ni màá yàn. Dókítà mìíràn lè ní ká tún un fọ̀.

Bàbá Ìbejì: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu ọmọ mi. Ó ti pé ọdún 8. Eyín ẹ̀yìn yẹn ti tẹ̀ síwájú. Ṣé wáyà ṣì lè gbà á báyìí?