Ṣé kí á da àmì ìkòkò 8 pọ̀, àbí lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ èyí wò. Ìkòkò àgbàdo 8 wà lórí tábìlì 4, méjì-méjì. Owó ẹyọ la fi yan èyí tó gba ajílẹ̀ lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Gíga wọn ní sẹ̀ǹtímítà, ní tábìlì sí tábìlì: alájílẹ̀ 31, 34, 29, 36, aláìlájílẹ̀ 27, 30, 25, 28. Ìyàtọ̀ ìpíndọ́gba jẹ́ 5.

Bí ajílẹ̀ kò bá ṣe nǹkan kan, àmì lásán ni “alájílẹ̀” àti “aláìlájílẹ̀” jẹ́, a sì lè pààrọ̀ wọn láàárín ìkòkò. Tí a bá da gbogbo 8 pọ̀, ọ̀nà 70 ló wà láti yan 4 tó máa jẹ́ alájílẹ̀. 2 péré ló mú ìyàtọ̀ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, nítorí náà ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 2/70. Tí a bá ń pààrọ̀ lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan nìkan, ọ̀nà 16 ni, 1 péré ló sì mú 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá: 1/16, kò sì lè kéré jù bẹ́ẹ̀ láéláé.

Lójú mi, bí owó ẹyọ ṣe pín in ló yẹ kí á tẹ̀ lé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a sì lè fi tábìlì karùn-ún kún un nísinsìnyí tí a ti rí èsì?