Èmi tí mo jẹ́ alákòóso iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di Síkírọ́ọ̀mù Másítà: ta ló wá ń pín iṣẹ́?

Alákòóso Àná (Yábàá):
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọdún 8 ni mo fi jẹ́ alákòóso iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Màríńà, níbi tí ó ti jẹ́ pé èmi ni mo ń ṣètò iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí mo ń pín in fún oníkálukú, tí mo sì ń dá ọjọ́ tí yóò parí. Ní oṣù tó kọjá mo bọ́ sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Yábàá, níbi tí a ti ń ṣe áàpù tí àwọn oníṣòwò Balógun yóò máa fi kọ ọjà tí wọ́n bá tà sílẹ̀, wọ́n sì sọ mí di Síkírọ́ọ̀mù Másítà nínú ọ̀nà ìṣiṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Síkírọ́ọ̀mù.

Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró níwájú pátákó, tí àwọn dẹfẹ́lọ́pà mẹ́fà tó ń ṣe áàpù náà yóò sì jábọ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 40. Lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá mi dúró lójú ọ̀nà Ìkòròdú, wọn kò ṣe ìpàdé náà rárá. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀gá àgbà gbé iṣẹ́ tuntun wá láàrin Súpíríǹtì wa, ìyẹn sáà iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì, pé kí áàpù máa tẹ rìsíìtì. Mo gbé e fún ẹnì kan, ó sì fi sùúrù sọ fún mi pé èmi kọ́ ni mo ní àṣẹ yẹn. Bí kì í bá ṣe èmi, ta ni?

Ará Ṣómólú:
Ẹ má da ara yín láàmú, orúkọ lásán ló yí padà. Alákòóso iṣẹ́ náà ni ẹ ṣì jẹ́. Ẹ ṣáà rí i pé ìpàdé àárọ̀ kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, kí oníkálukú sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ló ṣe lánàá, kí ló fẹ́ ṣe lónìí, kí ló sì ń dí i lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè:
Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 15, àmọ́ ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ nípa Síkírọ́ọ̀mù, kò sí ipò alákòóso iṣẹ́ rárá. Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yẹn pàápàá, wọ́n ti yọ wọ́n kúrò nínú ìwé náà ní ọdún 2020, nítorí náà kò pọn dandan.

Àbúrò mi, iṣẹ́ tí ẹ ń dá ṣe ní Màríńà ni wọ́n pín sí ọwọ́ mẹ́ta. Pírọ́dọ́ọ̀tì Ónà, tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ló ń sọ ohun tó yẹ kó ṣáájú. Àwọn dẹfẹ́lọ́pà ló ń sọ ìwọ̀n tí agbára wọn ká, àwọn fúnra wọn ló sì ń pín in láàrin ara wọn. Tiyín ni pé kí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ohun ìdènà sì kúrò lọ́nà wọn.

Ní ti rìsíìtì, ìwé iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀. Bákílọ́ọ̀gì Pírọ́dọ́ọ̀tì ni gbogbo ohun tí áàpù náà ṣì nílò; ibẹ̀ ni ìbéèrè ọ̀gá yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀, kí Pírọ́dọ́ọ̀tì Ónà sì tò ó sí ipò tó bá yẹ. Bákílọ́ọ̀gì Súpíríǹtì ni èyí tí àwọn dẹfẹ́lọ́pà ti yàn fún ọ̀sẹ̀ méjì yìí, àwọn ló sì ni ín. Kí ni ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe yọrí nínú Súpíríǹtì yìí?

Alákòóso Àná:
Pé kí oníṣòwò lè rí àpapọ̀ ohun tó tà lóòjọ́.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè:
Ó dára. Bí rìsíìtì kò bá ní dí ìyẹn lọ́wọ́, àwọn dẹfẹ́lọ́pà àti Pírọ́dọ́ọ̀tì Ónà lè jọ jíròrò, kí wọ́n mú ohun mìíràn kúrò kí ó lè ráyè wọlé. Bí yóò bá dí i lọ́wọ́, kí ó dúró de ìpàdé ìṣètò tó ń bọ̀. Bí àfojúsùn yẹn bá sì ti di aláìwúlò pátápátá, Pírọ́dọ́ọ̀tì Ónà nìkan ló lè fagi lé Súpíríǹtì.

Ìpàdé àárọ̀, ti àwọn dẹfẹ́lọ́pà ni. Pé wọn kò ṣe é nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀ ni àmì pé ìjábọ̀ fún ọ̀gá ló ti dà. Ẹ dúró sẹ́yìn wọn lọ́la, kí ẹ má pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Kọ́lékọ́lé Ẹ̀bútè Mẹ́ta:
Ẹ jọ̀ọ́, ilé alájà mẹ́ta ni mò ń kọ́ lọ́wọ́. Onílé ní kí n sún ilé ìwẹ̀ kan síbòmíràn lẹ́yìn tí a ti da kọnkéré. Ṣé Síkírọ́ọ̀mù yìí lè bá mi yanjú rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n, kọnkéré tó ti gan kò ṣe é tún dà bí ẹni tún ojú ìwé áàpù ṣe. Ibi tí àtúnṣe ti rọrùn, tí èèyàn kò sì tíì mọ gbogbo ohun tí oníbàárà ń fẹ́, ni ọ̀nà yìí ti wúlò jù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, kì í ṣe ìwé ìjábọ̀ pé iṣẹ́ ti dé ìdá 80 nínú 100 ni wọn óò gbé síwájú ọ̀gá, bí kò ṣe apá áàpù tó ti parí, tí oníṣòwò lè tẹ̀ lójú gbogbo wọn. Bí ó bá ku ìdánwò kan tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí, a kò kà á mọ́ èyí tó parí.

Alákòóso Àná:
Ẹ ṣeun, mà. Ohun méjì ló kù. Pírọ́dọ́ọ̀tì Ónà wa kò lè sọ pé rárá fún ọ̀gá. Ta ni yóò sì máa bójú tó owó iṣẹ́ náà?

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè:
Àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ohun ìdènà tí ẹ gbọ́dọ̀ mú kúrò: ẹ lọ bá ọ̀gá fúnra yín, nítorí bí ilé-iṣẹ́ kò bá bọ̀wọ̀ fún ìpinnu ẹni náà, orúkọ lásán ni ipò rẹ̀. Ní ti owó, Pírọ́dọ́ọ̀tì Ónà ni mo ti rí i lọ́wọ́ rẹ̀ níbi kan. Níbòmíràn wọ́n ṣì fi alákòóso iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà.

Ará Ṣómólú:
Alákòóso náà ni wọ́n ṣì nílò nígbà náà!

Alákòóso Àná:
Mo dúró sẹ́yìn wọn láàárọ̀ yìí. Gbogbo wọn kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n ń wo ojú mi. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ pé àpapọ̀ ọjà kì í pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ẹlòmíràn dáhùn pé ohun kan náà ti dá òun dúró láti ọjọ́ méjì. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn méjèèjì lánàá, àmọ́ èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún, wọn kò sọ ọ́ fún ara wọn. Ìṣẹ́jú 19 ló gbà.