Kí la máa pe owó-orí tí wọ́n yọ lára owó agbaṣẹ́ṣe?

Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀fà:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún wa ń bínú. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé a yọ "owó-orí ìdádúró", ó wá ń bi mí pé ọjọ́ wo la máa dá a padà fún òun.

Oníṣirò owó, Ìlọrin:
Àǹtí, "ìdádúró" yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ti ní owó mìíràn tí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀: èyí tí ẹni tó gbéṣẹ́ fún wọn ń mú sọ́wọ́ títí yóò fi hàn pé ògiri ò sán, òrùlé ò jò. Bí iṣẹ́ bá yege, ìyẹn á padà sọ́wọ́ wọn. Owó-orí tẹ́ ẹ yọ kì í gbé lọ́dọ̀ yín. Ìjọba ló ń lọ bá, lórúkọ agbaṣẹ́ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ní iṣẹ́ náà jẹ́ ₦3,000,000, tẹ́ ẹ sì mú 5% sọ́wọ́ nítorí ògiri àti òrùlé, ìyẹn ₦150,000. Ó ku ₦2,850,000 tẹ́ ẹ máa san báyìí. Ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ní kẹ́ ẹ yọ 2% níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́. ₦57,000 nìyẹn. Ohun tó máa wọ àpò rẹ̀ ni ₦2,793,000, ó sì máa rí i pé ₦207,000 ò pé. Bí lẹ́tà bá wá fi orúkọ kan náà pe méjèèjì, ta ni ò ní bínú?

Oníṣòwò, Àjàṣẹ́-Ìpo:
Ṣé òun náà ni 7.5% tí wọ́n fi lé owó ọjà tí mo rà? Èmi ò rí kọ́bọ̀ gbà padà o.

Oníṣirò owó, Ìlọrin:
Rárá, ìyá wa. Ìyẹn, orí iye ọjà ni wọ́n ń fi lé, ẹni tó rà á ló ń san án. Èyí tí à ń wí, inú owó ẹni tó ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán:
"Owó-orí àsansílẹ̀" ló yé gbogbo ayé, bí owó iná tí à ń san ká tó tan iná. Ẹ ní kó fọkàn balẹ̀, ìjọba á kó o fún un lópin ọdún.

Oníṣirò owó, Ìlọrin:
Àsansílẹ̀ súnmọ́ ọn, àmọ́ ẹ má ṣèlérí owó fún un. Bí owó-orí tí ìpínlẹ̀ Kwárà bù fún un lórí èrè ọdún náà bá jẹ́ ₦90,000, yóò mú rìsíìtì ₦57,000 jáde, yóò sì san ₦33,000 tó kù. Ẹnikẹ́ni ò ní ka owó lé e lọ́wọ́.

Rìsíìtì yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí Àǹtí mójú tó. Ẹ̀yin lẹ máa fún un: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà owó-orí rẹ̀, irú iṣẹ́ tó ṣe, iye tó tọ́ sí i kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun, iye tẹ́ ẹ yọ àti oṣù tẹ́ ẹ yọ ọ́. Láìsí i, kò ní ẹ̀rí tó máa gbé lọ. Bí kò bá sì ní nọ́ńbà owó-orí, ìlọ́po méjì lẹ máa yọ, ₦114,000 dípò ₦57,000. Ẹ sọ èyí fún un kó tó gba iṣẹ́ mìíràn.

Olùkọ́ èdè, Ìlọrin:
Mo dábàá "owó-orí àyọsan": a yọ ọ́, a sì san án. Kò sọ pé ẹnì kan mú un sọ́wọ́, kò sì ṣèlérí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Àsansílẹ̀ ò lè bá gbogbo rẹ̀ mu. Ẹni tí ń gbé ìlú òyìnbó, tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan níbí, ohun tí wọ́n yọ lára èrè rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀. Kò sí ìṣirò kankan tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má sì kọ "a gé owó yín". Ẹni tó ṣẹ̀ là ń gé owó rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán:
Agbaṣẹ́ṣe Ọ̀fà kọ́ ló wà nílùú òyìnbó! Àyọsan ò sọ orúkọ ta ni wọ́n fi san án, ohun tó sì ń bí bàbá yẹn nínú nìyẹn. Èmi ò kúrò lórí àsansílẹ̀.

Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀fà:
Ẹ ṣeun, Àlàájì, ẹ ṣeun, Tíṣà. Ohun tí mo kọ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nínú ₦2,850,000 tó tọ́ sí yín báyìí, a yọ ₦57,000, a sì san án fún ìjọba ìpínlẹ̀ lórúkọ yín. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ fi hàn wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó-orí yín, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ máa san. ₦150,000 tó wà lọ́wọ́ wa yàtọ̀ sí i. Tí ilé bá dúró dáadáa, ẹ̀yin lẹ ni ín." Mo kọ "owó-orí àyọsan" sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ bá ṣiṣẹ́ fún wa ńkọ́, ṣé ìpínlẹ̀ náà ni?

Oníṣirò owó, Ìlọrin:
Rárá o, ìjọba àpapọ̀ ni ti ilé-iṣẹ́ ń lọ bá. Ẹ yí gbólóhùn yẹn padà nínú tiwọn.