“Sign in”: ṣé “wọlé” ni àbí “forúkọ sílẹ̀”?

Olùtumọ̀, Sùúrùlérè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ìyá ìsọ̀ ní ọjà Tẹ̀júoṣó, bí wọ́n ṣe lè fúnra wọn ṣètò fóònù Android tuntun, láti orí yíyan èdè títí dé orí àkáǹtì Google. “Forúkọ sílẹ̀” ni mo fi túmọ̀ “Sign in”. Ẹnìkan ní kò dáa. Kí lẹ̀yin máa ń pè é? “Account” fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ “forúkọ sílẹ̀” kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì sí nínú ìwé ló ń forúkọ sílẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lójú fóònù, “Create account” nìyẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà ńbẹ̀ tipẹ́ ni “Sign in” ń bá wí. Ojú kan náà ni méjèèjì wà, ìkan lókè, ìkan nísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta léèsì gbé fóònù tuntun wá bá mi pé gbogbo nọ́ńbà àwọn oníbàárà òun ti parẹ́. Ọmọ tó bá a tan fóònù náà ti sáré tẹ “Create account”, torí pé ìyẹn ò bi í ní páásíwọ̀dù tí màmá ò rántí. Mo ṣí ibi tí nọ́ńbà wà, mo tẹ àwòrán roboto tó wà lókè lápá ọ̀tún, mo ka íméèlì tó wà ńbẹ̀ sí màmá létí. Ó ní, “Ta nìyẹn?” Mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà nígbà yẹn. Kò sí nọ́ńbà kankan tó parẹ́, inú àkáǹtì àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ní ká nu fóònù náà ká tún un bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan. Inú Settings ni mo lọ, mo wá ibi tí wọ́n kọ “Accounts” sí (àwọn fóònù míì á kọ “Passwords & accounts”), mo tẹ “Add account”, mo mú Google. Màmá ò rántí íméèlì àtijọ́, mo wá tẹ “Forgot email?”. Ó bèèrè nọ́ńbà fóònù, ó tún bèèrè orúkọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣí i. Nọ́ńbà mẹ́fà kan wọlé sórí símù màmá, “G-” ló ṣíwájú wọn. A tẹ̀ ẹ́, íméèlì àtijọ́ jáde, a yí páásíwọ̀dù padà. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí símù yẹn bá ti sọnù ni, à bá kọ́kọ́ lọ gba nọ́ńbà náà padà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ símù ná.

Àwọn tí màmá fi pamọ́ sínú fóònù àtijọ́ nìkan, tí kò fi sínú Google, ìyẹn ò wá. Ọ̀rọ̀ WhatsApp ló tún fẹ́ dà á láàmú, nítorí pé inú àkáǹtì Google tí ẹ lò tẹ́lẹ̀ ni WhatsApp orí Android ń kó àwọn ìtàkurọ̀sọ àtijọ́ pamọ́ sí. Tó bá jẹ́ àkáǹtì tuntun nìkan ló wà lórí fóònù, á ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹ fi àtijọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó ṣètò WhatsApp o, torí ìgbà ìṣètò yẹn ló máa ń bi yín bóyá kó dá wọn padà.

“Wọlé” ni kẹ́ ẹ kọ.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìsàlẹ̀ Èkó: Mo fara mọ́ “wọlé”. Ṣùgbọ́n “àkáǹtì” ò bá mi lára mu. Ta ni yóò gbọ́ “wọlé sínú àkáǹtì rẹ” tí kò ní rò pé owó òun ni wọ́n fẹ́ jí? “Àpamọ́” ni kí ẹ lò, ohun tí a fi pamọ́. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti yan Yorùbá lójú ewé àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò di Yorùbá, ìwé yín kò ní ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú: Ẹ ṣeun o. Èmi náà, láti ìjẹta ni mi ò ti lè wọ àkáǹtì mi. Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, wọ́n ní kò bá a mu, wọ́n ní kí n wá sí ẹ̀ka wọn pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀. Ṣé àwọn nọ́ńbà tó ní “G-” yẹn lè ṣí i? Owó ọjà mi wà ńbẹ̀.

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà: Màmá, ti báńkì nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni. Nọ́ńbà “G-” kò lè ṣí báńkì. Ẹ bá wọn lọ sí ẹ̀ka yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá sì pè yín pé kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín fún òun, ì báà jẹ́ ti Google tàbí ti báńkì, ẹ má dá a lóhùn.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìsàlẹ̀ Èkó: Mo ti wí bẹ́ẹ̀! Ìyá Ìbejì ti bá mi jẹ́rìí.

Akẹ́kọ̀ọ́, Yábàá: Bàbá, ẹ̀rí yẹn lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ “àpamọ́”, ìyá ìsọ̀ á wo ojú fóònù títí, kò ní rí nǹkan tó jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yíyan èdè náà kò rí bí ẹ ṣe sọ ọ́. Fóònù míì wà tí kò ní Yorùbá lára èdè tó kó sílẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ ní in, ibi tí wọn ò bá tíì túmọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló máa gbé wá. Nítorí náà, kí Àǹtí fi “Sign in” sílẹ̀ bó ṣe rí, kí Yorùbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi á kọ “àkáǹtì Google” pọ̀, kí n má kọ “àkáǹtì” lásán níbì kankan.

Ó ku ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àmì ohùn sí i o. Google kì í gba lẹ́tà tó lámì lórí nínú páásíwọ̀dù, kì í sì í gba ẹ tàbí ọ wa tó ní ìdí nísàlẹ̀. “ogedesisun” á wọlé, “ọ̀gẹ̀dẹ̀sísun” kò ní wọlé. Kí wọ́n sì fi nọ́ńbà tàbí àmì míì kún un.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìsàlẹ̀ Èkó: Kí a wá máa kọ Yorùbá láìlámì nítorí ẹ̀rọ? Ẹ̀yin ọmọ yìí!

Olùtumọ̀, Sùúrùlérè: Mo ti mú “wọlé”. Màá kọ “àkáǹtì Google” pọ̀ fún ìgbà yìí, kí Bàbá má bínú. Ẹni tí kò bá rántí ohunkóhun, tí símù rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́, ṣé ó lè tẹ “Skip”?

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà: Ó lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ pè é ní “Fò ó”. Á lè pe èèyàn, á lè ya fọ́tò, ṣùgbọ́n Play Store kò ní jẹ́ kó gbé nǹkan kan wálẹ̀ títí tó fi máa wọlé. Ó sàn fún un kó fò ó ju kó tẹ “Create account” lọ. Tó bá rí símù gbà padà, kó wá lọ sí “Add account” yẹn.